Wọ́n ní ẹnu lásán ni wọ́n fi sọ ọ́, àṣé wọ́n ti gbìmọ̀ ẹ̀ tipẹ́! Bí wọ́n ṣe ń ṣètò ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò inú ayédèrú dọkumẹ́ńtárì

Ẹni tó bá ṣàdédé bá fíìmù kan tó ń jẹ́ 'Best in Show' pàdé lórí tẹlifíṣàn, tí kò sì sẹ́ni tó sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé eré ni, àfàìmọ̀ ni kò ní í wò ó dé ìdajì kó tó fura. Àwọn tó ń sin ajá ni wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò nínú ẹ̀, àwọn tó ń kó ajá wọn lọ síbi ìdíje ńlá kan nílùú Filadẹ́lífíà, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Wọ́n á jókòó síwájú kámẹ́rà, wọ́n á máa rojọ́. Ọkọ á já lu ọ̀rọ̀ ìyàwó, ìyàwó á tún un ṣe, ẹlòmíì á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kan, á sì gbàgbé ibi tó ń bá a lọ. Ẹ̀ ẹ́ sọ pé àwọn oníròyìn kan ló dédé kàn wọ́n lára. Irọ́ ni o! Òṣèré ni gbogbo wọn. Ọdún 2000 ni eré náà jáde, Christopher Guest ló darí ẹ̀, òun àti Eugene Levy ni wọ́n sì jọ kọ ìtàn ẹ̀.

Irú eré bẹ́ẹ̀ là ń pè ní ayédèrú dọkumẹ́ńtárì lónìí. Dọkumẹ́ńtárì gidi, ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ló ń sọ. Ayédèrú kàn yá aṣọ ẹ̀ wọ̀ ni, ó gbé kámẹ́rà bíi tiẹ̀, ó ń bèèrè ọ̀rọ̀ bíi tiẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìtàn àtọwọ́dá ló gbé wá. Ibi tí iṣẹ́ wà jù nínú ẹ̀ kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń sáré tàbí ibi tí wọ́n ti ń jà. Ibi tí ẹnì kan ti jókòó sórí àga tó ń dáhùn ìbéèrè ni. Bí ìdáhùn náà bá dà bí ohun tí wọ́n kọ́ sórí, òǹwòran á ti mọ̀ pé wọ́n ń tan òun. Bí wọ́n bá sì fi òṣèré sílẹ̀ kó máa sọ ohun tó bá wá sí i lẹ́nu, ọ̀rọ̀ á dùn, ṣùgbọ́n ìtàn ò ní í rìn.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń ṣe é tí méjèèjì fi ń gún régé? Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ rèé: wọ́n kì í kọ ohun tí òṣèré máa sọ sílẹ̀, ohun tí òǹwòran gbọ́dọ̀ mọ̀ nígbà tó bá sọ ọ́ tán ni wọ́n ń kọ.

Ẹ wo bí Guest àti Levy ṣe ṣe é. Wọn ò kọ ọ̀rọ̀ ẹnu fún àwọn òṣèré wọn. Ìtàn ni wọ́n kọ: ẹni tí kálukú jẹ́, ibi tó ti wá, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ní abala kọ̀ọ̀kan. Òṣèré ló máa wá ọ̀rọ̀ sí i fúnra ẹ̀. Levy alára kópa ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gerry, tí Catherine O'Hara sì ṣe Cookie, ìyàwó ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò, Gerry jẹ́ kó di mímọ̀ pé ẹsẹ̀ òsì méjì ni wọ́n bí mọ́ òun. Àwọn òyìnbó máa ń fi ọ̀rọ̀ yẹn bú ẹni tí kò mọ ijó jó, ṣùgbọ́n tiẹ̀ kì í ṣe òwe, ẹsẹ̀ òsì méjì ló ní lóòótọ́! Òǹwòran á rẹ́rìn-ín, á gbàgbé ẹ̀. Nígbà tí ìdíje wá dójú ẹ̀, orúnkún Cookie yẹ̀, kò lè mú ajá wọn wọlé mọ́. Ta ló kù tó máa mú un yí pápá ká lójú gbogbo ayé? Gerry ẹlẹ́sẹ̀ òsì méjì ni. Òun ló mú ajá náà wọlé, ajá náà ló sì gbégbá orókè.

Ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀ dáadáa. Bí Gerry kò bá sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀ lórí àga yẹn, kò sí nǹkan tó máa ká èèyàn láyà nígbà tó mú okùn ajá dání. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yẹn ò lè jẹ́ ohun tó kàn bọ́ lẹ́nu. Ó gbọ́dọ̀ jáde, dandan ni. Ṣùgbọ́n bó ṣe máa sọ ọ́, bóyá ó máa tijú, bóyá ìyàwó ẹ̀ máa dá sí i, ìyẹn di tàwọn òṣèré. Ohun tí a ó máa pè ní kókó nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn: nǹkan kan ṣoṣo tí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan wà fún, tí ìtàn ò lè kọjá bí kò bá jáde.

Àwọn Yorùbá ò ní í sọ pé àjèjì ni ọ̀nà yìí. Àwọn ẹgbẹ́ alárìnjò wa, látìgbà Hubert Ògúndé títí dé ti Moses Ọláìyá tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá, báyìí náà ni púpọ̀ nínú wọn ṣe ń ṣe é. Ọ̀gá á la ìtàn sílẹ̀, òṣèré á wá ọ̀rọ̀ sí i lórí ìtàgé. Ìyàtọ̀ kan ló wà. Lórí ìtàgé, bí òṣèré kan bá ṣìnà, ẹnì kejì ẹ̀ á fi ọgbọ́n fà á padà. Lórí àga ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, òun nìkan ló jókòó. Ẹni kan ṣoṣo tó lè fà á padà ni ẹni tó ń bi í léèrè. Nítorí náà, ọwọ́ abèèrè ló yẹ kí ìwé eré wà, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó ń dáhùn.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é, àpẹẹrẹ lásán ni o, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àdúgbò òun la ní lọ́kàn. Ẹ jẹ́ ká sọ pé òpópónà kan wà l'Ékòó tó ní ilé 40. Ẹgbẹ́ àwọn lánlọ́ọ̀dù ibẹ̀ dá ₦250,000 lórí ilé kọ̀ọ̀kan láti ra tiransifọ́mà, ó di ₦10,000,000. Tiransifọ́mà dé, wọ́n pa màlúù, wọ́n jó. Ìgbà táwọn oníná wá ṣí i ni wọ́n rí i pé páánù òfìfo ni, kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀. 'Oníròyìn' wá gbé kámẹ́rà wá láti bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹni mẹ́rin ló máa bá a sọ̀rọ̀: Alága, Alhaja tó jẹ́ akápò, akọ̀wé, àti ayálégbé kan.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí wọ́n to kókó ìtàn náà ní ìlà mẹ́rin péré. Ìkíní, owó pé, wọ́n sì kó o lé Alága lọ́wọ́. Ìkejì, Alága ní òun fúnra òun lọ yẹ ọjà náà wò. Ìkẹta, kò lọ, òde ayẹyẹ ló wà lọ́jọ́ náà. Ìkẹrin, àna Alága ló ta páánù yẹn. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n pín kókó wọ̀nyí fún ẹni tó máa sọ ọ́, kókó kan fún ẹnì kan. Àrà tó wà níbẹ̀ ni pé kókó máa ń dùn jù lẹ́nu ẹni tí kò mọ̀ pé òun ń tú àṣírí. Alhaja ò mọ ohun tí Alága sọ. Ó kàn ń fọ́nnu nípa léèsì tó wọ̀ síbi ìgbéyàwó kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ni, ó sì ń yin Alága pé ọkùnrin náà náwó fún òun lágbo ijó. Ọjọ́ wo ni? Sátidé tó kẹ́yìn oṣù. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Alága ní òun wà lọ́jà tiransifọ́mà! Kò sẹ́ni tó pariwo olè, ṣùgbọ́n òǹwòran ti mú un.

Ohun kejì ni ìwé pélébé tí wọ́n máa fún òṣèré kọ̀ọ̀kan. Kò gbọ́dọ̀ ju ojú ìwé kan lọ. Irú ẹni tó jẹ́ ló máa wà níbẹ̀, ohun tó ń fẹ́ káwọn èèyàn rò nípa òun, ohun tó ń fi pa mọ́, àti òkodoro mẹ́ta tí kò gbọ́dọ̀ yí padà. Ti Alága lè jẹ́: ₦10,000,000 ni, Sátidé tó kẹ́yìn oṣù ni, mo fi ojú ara mi rí i. Ó tán. Ẹnì kan ò gbọ́dọ̀ rí ìwé ẹnì kejì. Bí òṣèré tó ń ṣe Alhaja bá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun ló máa tú Alága fó, ojú ẹ̀ á sọ ọ́ kí ẹnu ẹ̀ tó sọ ọ́, á máa wo kámẹ́rà bí ẹni tó ń retí kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún òun.

Ohun kẹta, tó sì gba làákàyè jù, ni ìwé ìbéèrè. Ti ọwọ́ abèèrè nìyí, òṣèré ò gbọ́dọ̀ rí i rárá. Ìbéèrè bíi mẹ́wàá ti tó. Mẹ́ta àkọ́kọ́ wà fún kí ẹnu òṣèré lè yá: ìgbà wo lẹ kó dé àdúgbò yìí, ta ló kọ́lé yín, ṣé omi ń dé ibí? Kò sóhun tó kan ìtàn nínú wọn, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni òṣèré ti máa jókòó sínú ara Alága. Lẹ́yìn náà ni abèèrè á máa sún mọ́ kókó díẹ̀díẹ̀, tó bá wá débẹ̀, kó ní ọ̀nà mẹ́ta tó máa gbà bèèrè ẹ̀.

Ọ̀nà kìíní, kó bèèrè ẹ̀ ní tààrà: "Alága, ẹ sọ bí ọjọ́ tẹ́ ẹ lọ yẹ ọjà náà wò ṣe rí fún wa." Alága lè dáhùn pé, "Hà! Mo lọ o. Mo tẹ̀ ẹ́, mo lù ú, ó le koko." Ó dùn, ṣùgbọ́n kò dárúkọ ọjọ́. Ọ̀nà kejì, kó gba ẹ̀gbẹ́ wọlé: "Iṣẹ́ ò wá dí yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà ni?" Alága á ní, "Iṣẹ́ kẹ̀, lọ́jọ́ Sátidé?" Ó ti ń bọ̀. Bí ìyẹn náà ò bá tíì tó, ọ̀nà kẹta ló máa ń já lọ́wọ́ jù: kí abèèrè mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í sọ. "Ṣebí Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú lẹ lọ, àbí?" Kò sí ẹ̀dá tí kì í fẹ́ tún ọ̀rọ̀ tẹ́nì kan ṣì sọ nípa rẹ̀ ṣe. Alága á dìde jókòó dáadáa, "Ọjọ́bọ̀ bawo? Sátidé ni mo lọ síbẹ̀, Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, mo fi ojú ara mi méjèèjì rí i!" Ẹ gbọ́ ná, ta ló máa gbà pé wọ́n kọ gbólóhùn yẹn sílẹ̀? Bẹ́ẹ̀ òkodoro mẹ́ta inú ìwé ẹ̀, méjì ló ti jáde yẹn.

Lẹ́yìn ìdáhùn, kí abèèrè dákẹ́. Kó má sọ pé "ó dáa," kó má mi orí. Kó kàn máa wò ó fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹni tó ń purọ́ kì í lè gba ìdákẹ́jẹ́ mọ́ra, á fi nǹkan mìíràn kún un, ìkúnra yẹn ló sì sábà máa ń dára jù.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í rántí àfìgbà tí wọ́n bá délé ẹdítọ̀. Nínú 'Best in Show', a kì í gbọ́ ohùn abèèrè, wọ́n ti gé e kúrò. Bí ẹ bá máa gé tiyín náà kúrò, ìdáhùn gbọ́dọ̀ lè dá dúró láìsí ìbéèrè. "Bẹ́ẹ̀ ni, Sátidé ni" ò wúlò fún ẹdítọ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Sátidé. "Sátidé ni mo lọ yẹ tiransifọ́mà wò" ló wúlò. Bí òṣèré bá dáhùn ní ṣókí, kí abèèrè má pàṣẹ fún un pé kó tún un sọ ní kíkún, kó kàn ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mi ò gbọ́ yẹn dáadáa." Òṣèré á tún un sọ, á sì sọ ọ́ gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe.

Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n ń fi abèèrè sílẹ̀ káyé rí i. Nínú 'This Is Spinal Tap' tó jáde lọ́dún 1984, Rob Reiner tó darí eré náà ló tún ṣe oníròyìn tó ń tẹ̀ lé ẹgbẹ́ olórin kan kiri, ẹnu àwọn òṣèré náà ni wọ́n sì fi wá èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ ibẹ̀. Ibì kan wà níbẹ̀ tí onígìtá ti ń fi ẹ̀rọ agbóhùnjáde ẹ̀ yangàn pé tàwọn ẹlòmíì kì í kọjá mẹ́wàá, pé tòun ń dé mọ́kànlá. Oníròyìn wá bi í pé kí ló dé tí wọn ò kàn jẹ́ kí mẹ́wàá yẹn fúnra ẹ̀ pariwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkùnrin náà rò ó títí, ó sì tún ọ̀rọ̀ mọ́kànlá yẹn sọ. Ìbéèrè yẹn ni gbogbo ẹ̀ rọ̀ mọ́, bí wọ́n bá gé e kúrò, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Nítorí náà, kí wọ́n tó gbé kámẹ́rà ni kí wọ́n ti pinnu bóyá a máa gbọ́ abèèrè tàbí a ò ní í gbọ́ ọ.

Ta ni kó kọ́kọ́ jókòó? Alága ni, nítorí irọ́ tiẹ̀ ló de tàwọn yòókù. Kí ẹnì kan jókòó ti abèèrè pẹ̀lú ìwé àti bírò, kó máa kọ gbogbo òkodoro tuntun tí Alága bá dá sílẹ̀ láti inú orí ara ẹ̀. Bó bá sọ pé ọkọ̀ akọ̀wé lòun wọ̀ lọ, ẹ kọ ọ́, kí akọ̀wé tó jókòó kí ẹ ti fi ìbéèrè kan kún tiẹ̀. Bí ẹ ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, akọ̀wé á sọ pé òun ò ní ọkọ̀ rí láyé òun, òǹwòran á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ irọ́ tí kò sí nínú ìtàn. Àtakò tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀ nìkan ló gbọ́dọ̀ wà nínú fíìmù. Bí àtakò mẹ́ta mìíràn bá tún wà tẹ́ ẹ ò mọ̀, èyí tẹ́ ẹ fẹ́ á sọnù sáàárín wọn.

Àìsàn méjì ló sábà máa ń mú irú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò yìí. Ìkíní ni kí òṣèré fẹ́ pa wá lẹ́rìn-ín. Ẹ máa mọ̀ ọ́n bí ó bá ń sọ̀rọ̀ tán tó ń wo àwọn tó dúró lẹ́yìn kámẹ́rà bóyá wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Alága ò mọ̀ pé òun ń ṣe àwàdà, orúkọ ara ẹ̀ ló ń gbà là. Ẹ má sọ fún un pé kó dín àwàdà kù. Ẹ bi í ní ìbéèrè tó le, bíi pé ṣé òótọ́ ni pé àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ yọ ọ́ nípò. Ẹni tó bá ń jà fún ipò ẹ̀ kì í ráyè dá àpárá. Ìkejì ni kí òṣèré ti há ọ̀rọ̀ sórí. Ìdáhùn ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ kí ìbéèrè tó parí, kò ní í mí, gbólóhùn ẹ̀ á pé pérépéré bíi ti ẹni tó ń ka ìròyìn. Ẹ da ìbéèrè rú fún un, ẹ bi í léèrè iye tí wọ́n ra màlúù tí wọ́n pa, kí ẹ tó padà sí ọ̀rọ̀ Sátidé. Orí tó ń wá iye màlúù ò lè máa ka àkọ́sórí.

Ṣé dandan ni kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún òṣèré báyìí? Rárá. 'The Office' tí Ricky Gervais àti Stephen Merchant ṣe ní Ìlú Ọba lọ́dún 2001, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ti Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2005 tó sì parí lọ́dún 2013, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń fi ààyè díẹ̀ sílẹ̀ fún òṣèré. Ohun tó ń jẹ́ kó dà bí òótọ́ níbẹ̀ ni pé ọ̀gá á jókòó sórí àga, á ní gbogbo òṣìṣẹ́ ló fẹ́ràn òun, àwòrán tó tẹ̀ lé e á sì fi ojú àwọn òṣìṣẹ́ hàn wá. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀nà yìí, kó kọ ọ́ bí ẹnu ṣe ń sọ ọ́: gbólóhùn tó já láàárín, ọ̀rọ̀ tí wọ́n tún ṣe, orúkọ tí wọ́n ń wá.

Owó ló máa ń pinnu èwo ni kéèyàn ṣe. Nǹkan bíi 60 wákàtí ni wọ́n yà fún 'Best in Show', 90 ìṣẹ́jú ló sì kù sínú ẹ̀. Ìyẹn ni pé nínú 40 ìṣẹ́jú tí wọ́n yà, ìṣẹ́jú kan ni wọ́n lò. Ẹni tí kò ní owó tó tó bẹ́ẹ̀, kókó àti ìwé ìbéèrè ló máa gbà á. Ní ti àwọn lánlọ́ọ̀dù wa yìí, bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wákàtí méjì ni. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ lo ìṣẹ́jú méjìlá nínú ẹ̀, mẹ́wàá sí ẹyọ kan ni, ọjọ́ kan ti tó láti yà á. Ibi tí ẹ ò ti gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ hẹ ni gbólóhùn kókó. Bí òṣèré kò bá rí i sọ lẹ́yìn ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ fún un ní gbólóhùn yẹn nìkan, kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì máa bá ìbéèrè lọ.

Nígbà tẹ́ ẹ bá gé e pọ̀ tán, ẹ wá ẹnì kan tí kò mọ nǹkan kan nípa ìtàn náà, kó jókòó wò ó. Lẹ́yìn ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kọ̀ọ̀kan, ẹ dá a dúró, ẹ bi í pé: "Kí lẹ mọ̀ báyìí tẹ́ ẹ ò mọ̀ tẹ́lẹ̀?" Bó bá ní, "Alága yìí, ibi ìgbéyàwó ló wà o, kò lọ sọ́jà kankan," ẹ ti ṣe é. Bó bá ní, "Alhaja yẹn dẹ́rìn-ín pa èèyàn," tí kò sì sọ nǹkan mìíràn, kókó yín ti jábọ́ nìyẹn. Ẹ má tún gbogbo ẹ̀ yà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù fún Alhaja. Nítorí èyí ni kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni dá léèsì àti gèlè tó wọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ padà títí ẹdítọ̀ á fi parí iṣẹ́, kí àga tó jókòó lé náà sì wà níbi tó wà.